Sókótó tó wà nínú ṣòkòtò

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Òwe yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í sì í ṣe nítorí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé tí ẹ bá tẹ òwe náà sínú kọ̀ǹpútà láìfi àmì sí i, ìlú àti aṣọ á di ọ̀kan náà: sokoto. Ẹ̀rọ kò ní ohun tó máa fi mọ̀ pé ìlú lẹ ń wá, torí náà yóò kó ìlú àti aṣọ papọ̀ fún yín. Tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, Sókótó, gbogbo àpilẹ̀kọ tí ẹni tó kọ ọ́ kò ráyè fi àmì sí á sá mọ́ yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n pọ̀ lọ súà lórí ayélujára.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣàwárí ní orúkọ fún ìyà méjèèjì. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní prẹsíṣọ̀n, wọ́n ń pe èkejì ní rìkọ́ọ̀lù. Níbí, màá pe ti àkọ́kọ́ ní ìpéye, màá pe ti èkejì ní ìkótán. Ìpéye ń béèrè pé: nínú ohun tí ẹ̀rọ kó wá, mélòó ni ohun tí mò ń wá lóòótọ́? Ìkótán ń béèrè pé: nínú gbogbo ohun tó yẹ kó kó wá, mélòó ló kó wá? Iye kan náà là ń pín nígbà méjèèjì, ìyẹn iye àwọn tó tọ̀nà nínú ohun tí ẹ̀rọ kó wá. Ohun tí a fi ń pín in ló yàtọ̀.

Wọn kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn: bí ìkótán bá ń lọ sókè, ìpéye á máa bọ̀ nílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò ló mú un rí bẹ́ẹ̀, ibì kan sì wà tí èèyàn ti lè jẹ méjèèjì láìsan ohunkóhun. Èdè wa gan-an ló fi ibẹ̀ hàn jù, torí àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀.

## Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méje

Ẹ jẹ́ ká mú "ọkọ̀", èyí tí à ń wọ̀. Ọkọ wà, tíí ṣe olórí ilé. Ọkọ́ wà, tí a fi ń ro oko. Ọ̀kọ̀ ọdẹ wà. Oko fúnra rẹ̀ wà. Òkò tí ọmọdé ń sọ lu máńgòrò wà. Ìkeje wà pẹ̀lú, tí a kì í dárúkọ lójú àgbà. Ẹ yọ gbogbo àmì kúrò, méjèèje á di "oko".

Ká wá sọ pé a ní àkójọ àpilẹ̀kọ Yorùbá 1,000, tí ẹnì kan ti fara balẹ̀ kà látòkèdélẹ̀, tó sì ti sàmì sí èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ wíwọ̀: mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n jẹ́ 60. Èmi ni mo ṣètò iye wọ̀nyí kí ìṣirò lè rọrùn láti tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yí padà bá ohun tí ojú ń rí nídìí iṣẹ́ yìí mu.

Ẹ kọ́kọ́ wá "ọkọ̀" ní ṣáńgílítí, àmì fún àmì. Ẹ̀rọ kó 20 wá, 19 tọ̀nà. Ẹyọ kan tó kù, ọkọ́ ìroko ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn, ó kàn ṣi àmì fi sí i ni. Ìpéye jẹ́ 19 nínú 20, ìyẹn 95 nínú 100. Ìkótán jẹ́ 19 nínú 60, kò ju 32 nínú 100 lọ. Ẹni tó bá wo àbájáde yìí máa yọ̀, torí gbogbo ohun tó ṣí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tán. Mọ́kànlélógójì tó fò ó dá, kò rí wọn, kò sì sí ohun tó máa sọ fún un pé wọ́n wà.

## Ibi tí a kò ti san nǹkan kan

Nígbà tí a wo àwọn 41 náà, ohun ìyanu ló kọ́kọ́ yọjú: 8 nínú wọn ní àmì tó pé pérépéré. Lójú èèyàn, "ọkọ̀" tó wà nínú wọn kò yàtọ̀ sí èyí tí a tẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀rọ kò rí wọn?

Yúníkóòdù, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kò ní kóòdù ẹyọ kan ṣoṣo fún "ọ̀" tàbí "ọ́". Àwa fúnra wa là ń to wọn pọ̀, ọ̀nà tí a sì ń gbà tò wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Ẹnì kan lè tẹ "ọ" tó jẹ́ U+1ECD, kó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ U+0300 lé e lórí. Ẹlòmíì tẹ "o" lásán, ó fi tóótó U+0323 sí i lábẹ́, ó wá fi U+0300 lé e. Ẹnì kẹta bẹ̀rẹ̀ láti orí "ò", U+00F2, ó wá fi tóótó sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹnì kẹrin kò lo tóótó rárá, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, U+0329, ló fi sábẹ́ "o". Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n ń pè ní NFC máa ń sọ mẹ́ta àkọ́kọ́ di ọ̀kan. Kò ní fọwọ́ kan ìkẹrin, torí ní ìlànà Yúníkóòdù, ìlà abẹ́ àti tóótó abẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ọwọ́ ni a máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Ní Páítọ́ọ̀nù:

```python
import unicodedata as u

def tunse(s):
    s = u.normalize("NFD", s.lower())
    s = s.replace("\u0329", "\u0323")
    return u.normalize("NFC", s)

def yo_ohun(s):
    d = u.normalize("NFD", tunse(s))
    d = "".join(c for c in d if c not in "\u0300\u0301\u0304")
    return u.normalize("NFC", d)

def yo_gbogbo(s):
    d = u.normalize("NFD", tunse(s))
    return "".join(c for c in d if not u.combining(c))
```

Fún àkókò yìí, `tunse` nìkan la máa lò, lára àpilẹ̀kọ àti lára ọ̀rọ̀ tí à ń wá pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo lẹ lò ó fún, ẹ ti dá kún wàhálà ni.

Pàkúté kan tún wà níbí tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú `re`, irinṣẹ́ tí Páítọ́ọ̀nù fi ń wá ọ̀rọ̀, `\b` ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, àmì ohùn tó dá dúró kì í sì í ṣe lẹ́tà lójú rẹ̀. Tí ẹ bá wá `\bọkọ̀\b`, kò ní rí "ọkọ̀" tí àlàfo tẹ̀ lé, torí àmì tó kẹ́yìn kì í ṣe lẹ́tà, àlàfo náà kì í ṣe lẹ́tà, kò wá sí ààlà láàárín wọn. Ìkótán á di òdo, ẹ̀yin á máa rò pé kò sí ọkọ̀ nínú àkójọ yín. Ẹ wá dán `\bọkọ\b` wò fún olórí ilé: á kó ọkọ̀ àti ọkọ́ mọ́ ọn, torí ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí kó tó kan àmì. Àṣìṣe kan ṣoṣo, ó ba ìkótán jẹ́ fún ọ̀rọ̀ kan, ó ba ìpéye jẹ́ fún èkejì. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ fi àlàfo àti àmì ìdánudúró gé àpilẹ̀kọ sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe yìí, ẹ̀rọ kó 29 wá, 27 tọ̀nà. Ìpéye jẹ́ 93, ìkótán ti fò láti 32 sí 45. Ìpéye kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: ẹ̀rí tó wà lára àwọn 8 tó wọlé yìí lágbára tó ti àwọn 19 tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Àìrí wọn kò bá iyèméjì kankan wá. Ìdọ̀tí ló bo ojú ẹ̀rọ, a nù ún kúrò.

Inú mi kì í dùn sí bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí. Wọ́n á sáré lọ bá ìpinnu tó le, wọ́n á máa jiyàn lórí èwo ni ká fi du èwo, nígbà tí owó ọ̀fẹ́ ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì ṣà.

## Ibi tí iye owó ti bẹ̀rẹ̀

Àpilẹ̀kọ 33 ló ṣẹ́ kù. Nínú wọn, 17 ni ẹni tó kọ wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ sí tí kò fi ti ohùn sí: "ọkọ". Àwọn 13 kò ní àmì kankan rárá: "oko". A ó padà sórí mẹ́ta tó kù.

Ẹ jẹ́ ká yọ àmì ohùn kúrò pẹ̀lú `yo_ohun`, ká fi tóótó sílẹ̀. Ibí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ̀rọ kó 84 wá, 44 tọ̀nà. Ìkótán gòkè dé 73, ìpéye já wálẹ̀ láti 93 sí 52. Ẹ má wo 84 náà lápapọ̀. Ẹ wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nìkan. Wọ́n jẹ́ 55. Mẹ́tàdínlógún jẹ́ ọkọ̀ wíwọ̀. Méjìdínlógójì jẹ́ ọkọ ìyàwó, ọkọ́, àti ọ̀kọ̀ bíi mélòó kan nínú ìtàn ogun. Ìyẹn ni pé nínú 100 àlejò tuntun, 31 péré ni àlejò wa.

Ohun tó fà á ni pé ẹ̀rí ti dín kù. Nígbà tí àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀, àmì náà ló ń jẹ́rìí pé ọkọ̀ ni. Nígbà tí kò sí, "ọkọ" nìkan la rí, ẹni tó bá sì mọ ohun tí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ń kọ lójoojúmọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya kì í wọ́n níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ya dìndìnrìn. Ohun tó lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀ la gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a wá lo `yo_gbogbo`, tí a yọ tóótó náà kúrò, ẹ̀rọ kó 210 wá, 57 tọ̀nà. Ìkótán jẹ́ 95, ìpéye jẹ́ 27. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún burú tó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bo àṣírí mọ́lẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé jẹ́ 126, 13 péré ló tọ̀nà nínú wọn, ìyẹn bí 10 nínú 100. Gbogbo àpilẹ̀kọ tó sọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ló rọ́ wọlé.

Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀. Ohun yòówù tí ẹ bá bù sí i, ìtọ́wò gbogbo ìkòkò á sún sí ìtọ́wò ohun tí ẹ bù kún un. Ìpéye jẹ́ ìtọ́wò ìkòkò. Ìkótán ní tirẹ̀ kì í wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi nǹkan kún àbájáde; bó burú tán, á dúró síbi tó wà. Torí náà, ìbéèrè tó kù ni bóyá ohun tí à ń bù kún un dára ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ tàbí kò dára tó o. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ohun tó dá wa lójú jù la kọ́kọ́ ń mú, èyí tó kàn kò ní dáni lójú tó bẹ́ẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á tún fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Ìdí tí ọ̀kan fi ń ná wa ní èkejì nìyẹn, kò sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rí ibi tí ohun tuntun ti dára ju ti àtijọ́ lọ, ìpéye á gòkè pẹ̀lú ìkótán. Àmọ́ ìyẹn á túmọ̀ sí pé ẹ ti to nǹkan yín sódì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ẹ ti fi èyí tó dáni lójú sẹ́yìn èyí tí kò dáni lójú.

Ọ̀gbẹ́ni Cyril Cleverdon, tó jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé ní ilé ẹ̀kọ́ nípa ọkọ̀ òfurufú ní Cranfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìdánwò fi hàn pé ìkótán ń ná wa ní ìpéye, ní àwọn ọdún 1960, pẹ̀lú àpilẹ̀kọ 1,400 nípa bí ọkọ̀ ṣe ń fò nínú afẹ́fẹ́. Ìwé lórí ọkọ̀ náà ni wọ́n ń wá, ẹ̀yin náà ẹ wo bí nǹkan ṣe bára mu.

## Ìkótán kì í hàn sójú

Ìpéye kò ṣòro wọ̀n: ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ kó wá, ẹ ka iye tó dára. Ti ìkótán ló le, torí ohun tí ẹ kò rí ló fẹ́ kí ẹ kà. Ìdí rèé tí èèyàn fi máa ń tan ara rẹ̀ jẹ nípa rẹ̀, bí ó tilẹ̀ gbọ́n.

Ní 1985, David Blair àti M. E. Maron gbé ìwádìí kan jáde tó ṣì ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Àwọn lọ́yà kan ń gbèjà ilé iṣẹ́ kan nílé ẹjọ́, wọ́n sì ní ìwé tó tó 40,000, ojú ewé bí 350,000, nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo ẹ̀rọ ìṣàwárí kan tí wọ́n ń pè ní STAIRS. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn nílò ó kéré tán 75 nínú 100 ìwé tó kan ẹjọ́ náà. Wọ́n ń wá, wọ́n ń tún un wá, títí ọkàn wọn fi balẹ̀ pé ọwọ́ àwọn ti tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá yọ àwọn ìwé tí kò jáde wò, ohun tí wọ́n ti rí jẹ́ bí 20 nínú 100. Ìpéye wọn sì dára, ó jẹ́ bí 79. Dídára rẹ̀ yìí gan-an ló tàn wọ́n: ohun gbogbo tí wọ́n ń ṣí ló wúlò, kí ló máa mú wọn fura?

Ọ̀kan lára ohun tó fà á ni pé ìjàm̀bá ló dá ẹjọ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì ń wá "ìjàm̀bá". Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ìhà tiwọn kò pè é ní ìjàm̀bá nínú lẹ́tà wọn. Wọ́n ń pè é ní "ìṣẹ̀lẹ̀", "ìṣòro", "ọ̀rọ̀ yẹn". Ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "ìjàm̀bá" sílẹ̀?

## Iye kan ṣoṣo tó ń purọ́ díẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ nọ́ńbà ẹyọ kan tó máa sọ fún wọn pé èyí ló dára jù. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni F1, láti inú iṣẹ́ C. J. van Rijsbergen ní 1979: `F1 = 2PR/(P+R)`, tí P jẹ́ ìpéye, tí R jẹ́ ìkótán. Ẹ wo ohun tó sọ nípa ìgbésẹ̀ mẹ́rin wa:

| Bí a ṣe wá a | Tó kó wá | Tó tọ̀nà | Ìpéye | Ìkótán | F1 |
|---|---|---|---|---|---|
| àmì fún àmì | 20 | 19 | 95 | 32 | 0.48 |
| lẹ́yìn `tunse` | 29 | 27 | 93 | 45 | 0.61 |
| láìsí àmì ohùn | 84 | 44 | 52 | 73 | 0.61 |
| láìsí àmì kankan | 210 | 57 | 27 | 95 | 0.42 |

Ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta gba máàkì kan náà. Bẹ́ẹ̀, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà fún. Ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, tó ń wá gbólóhùn ogún tó lo "ọkọ̀" dáadáa, 29 ti tó o, kò tiẹ̀ ní lo ìṣẹ́jú 60 láti kà wọ́n tó bá fi ìṣẹ́jú méjì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ló kàn án pẹ̀lú àwọn tí kò rí? Ẹni tó ń kọ ìtàn bí ìrìnnà ọkọ̀ ṣe yí padà kò lè gbà kí ìdajì ẹ̀rí sọnù. Á gba 84, á fi wákàtí mẹ́ta kà á, tàbí kó gba 210, kó fi wákàtí méje kà á. F1 kò mọ èyí tí ẹ jẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ́ kó mọ̀, ẹ lo F2, tó ka ìkótán sí ju ìpéye lọ: `F2 = 5PR/(4P+R)`. Ìgbésẹ̀ kejì á gba 0.50, ìkẹta á gba 0.68. Nọ́ńbà náà wá sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ fún un ohun tí yóò sọ.

## Fífi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ jẹ́rìí

Tó bá jẹ́ pé àìtó ẹ̀rí ló ń fa ìnáwó, ọ̀nà àbáyọ kan náà tó wà ni kí a wá ẹ̀rí síbòmíì. Ẹ padà sórí 210 tí kò ní àmì. Ẹni tó bá ka "oko" nínú gbólóhùn mọ ìtumọ̀ rẹ̀ látinú ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ẹ̀rọ náà lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀: ẹ ní kó gba "oko" nìkan níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan bá wà láàárín ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí i, bíi awakọ̀, gáréèjì, epo, èrò, táyà. Ẹ yọ àmì ti àwọn ẹlẹ́rìí náà kúrò pẹ̀lú, torí àpilẹ̀kọ tí kò fi àmì sí "ọkọ̀" kò ní fi sí "awakọ̀".

Àwọn ẹlẹ́rìí yìí fúnra wọn ń fẹ́ àyẹ̀wò o. "Epo" ń jẹ́rìí fún mọ́tò, ó tún ń jẹ́rìí fún ìyàwó tó ń se ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. "Èrò" inú ọkọ̀ àti "èrò" ọkàn kò tiẹ̀ yàtọ̀ nígbà tí àmì bá pé, kò sí àtúnṣe Yúníkóòdù tó lè yà wọ́n. Ẹ yọ méjèèjì kúrò, ẹ fi "bẹntiróò" àti "dírẹ́bà" rọ́pò wọn. Ẹ̀rọ wá kó 88 wá, 51 tọ̀nà: ìpéye 58, ìkótán 85. Ẹ fi wé ìgbésẹ̀ kẹta, tó kó 84 wá tí 44 tọ̀nà. Iṣẹ́ kíkà kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, ìpéye àti ìkótán sì gòkè pa pọ̀, torí ẹ̀rí tuntun ti wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ dín ọ̀rọ̀ mẹ́wàá náà kù sí mẹ́ta kẹ́ ẹ wò ó: 47 ló máa kó wá, 36 á tọ̀nà. Ìpéye gòkè dé 77, ìkótán bọ́ sí 60. Ọjà náà tún ti ná padà, ibi tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ la kàn wà báyìí.

## Mẹ́ta tó kù

Kí ni ẹni tí kò ní ẹni tó ka 1,000 látòkèdélẹ̀ máa ṣe láti mọ ìkótán rẹ̀? Á mú díẹ̀ nínú ohun tí kò jáde, á kà á. Ká ní ìgbésẹ̀ kejì la dúró sí, àpilẹ̀kọ 971 ni kò jáde. Ẹ ṣa 100 nínú wọn láìyan, ẹ kà wọ́n, ẹ rí 3 tó sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ìṣirò á sọ pé bí 29 ló fò yín dá, pé ìkótán yín jẹ́ bí 48. Kò jìnnà sí 45 tó jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹ má ṣe jó sí i. Mẹ́ta kéré jù láti gbára lé. Iye tó fò yín dá lè wà níbikíbi láti nǹkan bí 6 títí dé nǹkan bí 80, ìyẹn ni pé ìkótán lè jẹ́ 82, ó sì lè jẹ́ 25.

Ohun tó sàn ni kí ẹ ṣà á níbi tí ẹja wà. Àwọ̀n tó fẹ̀ jù, ìyẹn 210, ti gba 29 náà mọ́ra, 181 ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ẹ ka 60 nínú 181 yìí, ẹ ó rí bíi 10, tó sọ pé bí 30 ló wà níbẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì wá jẹ́ láti bí 15 títí dé bí 52. Ìwé tí ẹ kà dín, àlàfo iyèméjì náà dín. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó wà lóde àwọ̀n náà kò sí nínú ìṣirò rárá.

Ibẹ̀ ni mẹ́ta yẹn wà. Nínú 790 tó wà lóde, kódà tí ẹ bá ka 100, ẹ kò ní ju ààyè bí ẹyọ kan nínú mẹ́ta lọ láti bá ọ̀kan nínú wọn pàdé. Àmì kọ́ ló bo wọ́n. Àkọ́kọ́ ń sọ "mọ́tò" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkejì ń ṣàròyé nípa dánfó àti mólúè l'Ékòó, kò dárúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹta dá lórí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá, "kẹ̀kẹ́" nìkan ló sì ń pè é. Ẹ lè fi "mọ́tò" àti "dánfó" kún ohun tí ẹ ń wá, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi "kẹ̀kẹ́" kún un, kẹ̀kẹ́ ológeere ọmọdé á wọlé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin inú Bíbélì á wọlé, a ò sì tíì yọ àmì kúrò lára rẹ̀, kó tó di pé ilà kẹ́kẹ́ ojú àwọn baba ńlá wa náà tò sẹ́yìn wọn.